Ìrẹsì àti súyà òde àríyá: bí ilé ìdáná kékeré ṣe lè kọ ètò ìdènà májèlé inú oúnjẹ

Nígbà tí àwọn tó lọ sí òde ìyàwó bá padà délé, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í rú wọn, ẹran ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Wọ́n á ní súyà yẹn kò jinná, tàbí pé ẹran náà ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó yan án. Kì í sábà wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni pé ìrẹsì, tó hó lórí iná títí tó fi rọ̀, lè jẹ́ ọ̀daràn. Síbẹ̀, bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ, ìrẹsì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀: ìgbà wo ni ẹ sè é, ibo ni ẹ gbé e sí, ìgbà wo ni àwọn ènìyàn sì jẹ ẹ́?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni ìpìlẹ̀ ètò kan tí àwọn olùṣe oúnjẹ káàkiri àgbáyé ń lò, tí wọ́n ń pè ní Hásàpù. Ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ni pé kí a wá ewu tó wà nínú oúnjẹ, kí a sì mọ ojú ibi tí a ti lè ká a lọ́wọ́ kò. Iléeṣẹ́ Písíbẹ́rì ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1959, pẹ̀lú àjọ Násà àti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń wá oúnjẹ tí kò ní kó àìsàn bá àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sí òfuurufú. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n yẹ oúnjẹ wò lẹ́yìn tó ti jinná tán, wọn yóò fi ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣòfò lórí àyẹ̀wò, ìwọ̀nba tó kù kò sì ní í dá wọn lójú. Nítorí náà, wọ́n yí ojú padà sí bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ náà. Ní ọdún 1993, ìgbìmọ̀ Kódẹ́ẹ̀sì, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé jọ dá sílẹ̀, gba ètò náà wọlé. Ìgbìmọ̀ náà tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní ọdún 2020.

Ọ̀pọ̀ alásè ló gbà pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá nìkan ni irú ètò báyìí wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlànà Kódẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ gbà pé ilé ìdáná kékeré lè ṣe tirẹ̀ ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá alásè kan ní ìlú Jọ́ọ̀sì, lókè Ọya, tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, fìrísà kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, àti kúlà ńlá mẹ́ta. Wọ́n gba iṣẹ́ òde ìyàwó ọjọ́ Sátidé fún ènìyàn 150. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti súyà màlúù ni wọn yóò gbé kalẹ̀. Wọ́n ra ìrẹsì kìlógíráàmù 15 àti ẹran aláìléegun kìlógíráàmù 18. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n ní oúnjẹ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí òde rí mọ ohun tí aago kan túmọ̀ sí.

Kí ló wà nínú ìrẹsì?

Kòkòrò àrùn kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Basílọ́ọ̀sì sẹ́rẹ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, láti ibẹ̀ ló sì ti ń bá ìrẹsì wọlé láti oko. Bí ibi tó wà bá le mọ́ ọn, yálà ọ̀gbẹlẹ̀ ni tàbí ooru, yóò sọ ara rẹ̀ di hóró kékeré tí ara rẹ̀ le koko. Híhó omi kì í pa hóró yìí tán. Kódà, ooru ìkòkò lè jí i lójú oorun. Bí a bá wá gbé ìrẹsì tó ti jinná sílẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, hóró náà yóò hù, kòkòrò náà yóò sì máa pọ̀ sí i nínú oúnjẹ tí kò sí kòkòrò mìíràn tí yóò bá a du ibẹ̀, nítorí iná ti pa àwọn ìyókù. Bí ó bá ti pọ̀ tó, yóò da májèlé kan sínú ìrẹsì náà.

Májèlé yìí ni ohun tó yẹ kí gbogbo alásè mọ̀ dáadáa. Ooru kì í bà á jẹ́. A lè gbé ìrẹsì náà padà sórí iná kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kòkòrò náà yóò kú, ṣùgbọ́n májèlé tó ti dà síbẹ̀ yóò wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kò ní òórùn, kò sì ní ìtọ́wò. Láti ọdún 1971 ni àwọn oníṣègùn ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tó ń bì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìrẹsì díndín ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Wọ́n tọ pinpin rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn alásè máa ń se ìrẹsì sílẹ̀ púpọ̀, wọn á gbé e sílẹ̀ láìgbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, wọn á wá dín in wéré nígbà tí oníbàárà bá dé. Dídín náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nítorí náà, sísè ìrẹsì kọ́ ni ojú ibi tí a ti lè ká ewu yìí lọ́wọ́ kò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn sísè ni. Láàárín ìwọ̀n 5 sí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná Sẹ́ńtígíréèdì (òṣùwọ̀n yìí náà ni a ó máa lò títí dé òpin) ni àwọn kòkòrò àrùn ti ń rí àyè pọ̀ sí i nínú oúnjẹ. Òkè ìwọ̀n 60, wọn kì í lè pọ̀ sí i. Ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 5, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í lè ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ alásè ni kí ìrẹsì rẹ̀ wà ní ọ̀kan nínú ibi méjèèjì yìí, kí àkókò tí yóò lò láàárín méjèèjì má ju wákàtí méjì lọ.

Ti ẹran yàtọ̀

Nínú odindi ẹran màlúù tí a kò tí ì gé, ojú ẹran ni àwọn kòkòrò bíi Salimonẹ́là àti ẹ̀yà Ikólì tó léwu sábà máa ń wà, láti ara awọ, láti ara ìgbẹ́ inú ìfun, àti láti ara ọ̀bẹ alápatà. Ṣùgbọ́n ẹran súyà kì í ṣe odindi. A ti gé e pẹlẹbẹ, a ti fi ọwọ́ pa yàjì mọ́ ọn lára, a sì ti fi igi gún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó wà lójú ẹran ti wọ inú lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ pupa tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ lóde. Yàjì àti òróró tètè máa ń dúdú lórí èédú, ẹran abẹ́ rẹ̀ sì lè má tí ì gbóná tó.

Ìwọ̀n 70 fún ìṣẹ́jú méjì, tàbí kí ó kan ìwọ̀n 75 ní àárín ibi tó nípọn jù, ni ohun tí a mọ̀ pé ó ń pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Lórí èyí, ìyá alásè wa yan ìwọ̀n 75, nítorí pé ó rọrùn láti wò ju kíka ìṣẹ́jú lọ nígbà tí èéfín wà lójú ẹni. Mo rò pé ó ṣe dáadáa. Ààlà tí ọmọ iṣẹ́ lè rántí nínú ariwo òde sàn ju ààlà tó jinlẹ̀ nínú ìwé lọ.

Ibi tí a ó ti ká ewu lọ́wọ́ kò

Kí ó tó yan ojú ibi kankan, ìyá alásè àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n sì kọ gbogbo ìrìn oúnjẹ náà sílẹ̀ láti ọjà títí dé ọwọ́ àlejò. Ìrẹsì: rírà, ṣíṣà, fífọ̀, sísè, kíkó sínú kúlà, gbígbé lọ sí òde, bíbù. Ẹran: rírà lọ́wọ́ alápatà, gígé, pípa yàjì mọ́ ọn, gígún sórí igi, dídúró nínú yìnyín, yíyan, gígé sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, fífún àlejò. Lẹ́yìn náà, wọ́n rin ìrìn náà nínú ilé ìdáná, láti wò ó bóyá ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ: ẹni tó ń yan súyà máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà ra òróró sí ẹran tútù àti èyí tó ti jinná. Omi ẹran tútù ń tipa bẹ́ẹ̀ padà sórí ẹran tó fẹ́ bọ́ sẹ́nu àlejò.

Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè méjì ni wọ́n bi ara wọn. Ǹjẹ́ ewu kan wà níbí tó lè ṣe ènìyàn léṣe? Bí ó bá wà, ǹjẹ́ ìgbésẹ̀ mìíràn ń bọ̀ níwájú tí yóò mú un kúrò? Òkúta inú ìrẹsì jẹ́ ewu, ó lè ṣẹ́ eyín, ṣùgbọ́n ṣíṣà àti fífọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó fún un. Kòkòrò tó wà lára ẹran nígbà tí wọ́n rà á jẹ́ ewu, ṣùgbọ́n iná ń bọ̀ níwájú. Ìmọ́tótó ọwọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, gbogbo iṣẹ́ ló sì kàn. Wọ́n fi í sí abẹ́ òfin ìpìlẹ̀ ilé ìdáná, pẹ̀lú omi tó mọ́, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, àti pé ẹni tí inú ń ṣu tàbí tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ.

Lára àwọn òfin ìpìlẹ̀ náà, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ mài súyà máa ń fojú fò. Yàjì tí wọ́n ń bù wọ́n ẹran lẹ́yìn tó ti jinná kò ní iná kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ẹnu àlejò ló ń lọ tààrà, bákan náà ni àlùbọ́sà àti tòmátò tútù. Ìyá alásè pín yàjì sí abọ́ méjì. Èyí tí ọwọ́ ẹran tútù ti wọ̀ kò gbọdọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ àwo àlejò. Ọ̀bẹ àti pátákó tí wọ́n fi gé ẹran tútù kò gbọdọ̀ kan àlùbọ́sà. Bákan náà, nítorí pé kúlíkúlí wà nínú yàjì, wọ́n kọ ọ́ sára tábìlì kí àwọn tí ẹ̀pà kò bá lára mu lè mọ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, ojú ibi mẹ́ta péré ló kù tí wọ́n kà sí pàtàkì: kí ẹran tútù má kọjá ìwọ̀n 5 títí tí yóò fi dé orí iná, kí súyà kan ìwọ̀n 75, kí ìrẹsì má sì wálẹ̀ ju ìwọ̀n 60 lọ. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí ẹran tútù fi wà níbẹ̀ nígbà tí iná ń bọ̀. Ìdí ni pé àwọn kòkòrò kan, bíi Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì tó máa ń wà lára awọ ara àti nínú imú ènìyàn, máa ń da irú májèlé tí iná kì í bà jẹ́ sínú ẹran tí ọwọ́ ti kàn, bí ó bá pẹ́ nínú ooru. Pípa yàjì mọ́ ẹran jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an.

Mo ti rí ètò kan tí ojú ibi pàtàkì inú rẹ̀ tó mẹ́tàdínlógún. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Mẹ́ta tí à ń wò ní ti gidi sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹmómítà

Láìsí tẹmómítà, gbogbo ohun tí a ti sọ kò ju ìfojúdíwọ̀n lọ. Èyí tó ní ṣóńṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n rà, nítorí pé èyí tó nípọn kò lè wọnú ẹran súyà. Kí a sì gún un láti ẹ̀gbẹ́, ní ìbú ẹran náà, kì í ṣe láti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru èédú tàbí ti irin wáyà ni yóò kà.

Kí a tó gbà á gbọ́, a ní láti dán an wò. Ẹ fọ́ yìnyín sínú ife kó kún, ẹ da omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ sì ti ṣóńṣó náà bọ àárín rẹ̀. Ó yẹ kí ó ka 0. Omi híhó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò dípò yìnyín, ṣùgbọ́n ní ìlú Jọ́ọ̀sì, omi kì í hó ní ìwọ̀n 100 bí ó ti rí ní Èkó. Orí òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ni ìlú náà wà, omi sì máa ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 96. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ju tẹmómítà tó dára nù, tàbí kó yí i títí tí yóò fi máa purọ́. Yìnyín kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá fi tẹmómítà gún ẹran tí kò tí ì jinná, kí a nu ún, kí a sì tì í bọ omi gbígbóná tó ń hó kó tó kan èyí tó kàn.

Ọjọ́ Sátidé

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá alásè pinnu ni pé wọn kò ní se ìrẹsì náà sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ se ìrẹsì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè mú un tutù láti ìwọ̀n 60 dé 21 láàárín wákàtí méjì, kó sì dé ìwọ̀n 5 láàárín wákàtí mẹ́rin sí i. Èyí túmọ̀ sí pé kí a tẹ́ ẹ sórí tíréè pẹlẹbẹ, kí ó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí fìríìjì tí iná kì í lọ lórí rẹ̀ sì wà. Ìrẹsì kìlógíráàmù 15, bí ó bá ti wú tán, yóò gba tíréè tó pọ̀ ju èyí tí fìrísà kan lè gbà lọ. Bí wọ́n bá sì dé e sínú ìkòkò ńlá ní alẹ́, àárín ìkòkò náà yóò ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní òwúrọ̀. Ìpinnu yìí ló ṣòro jù fún wọn, nítorí pé ó ní kí wọ́n jí ní aago márùn-ún. Ṣùgbọ́n ètò tó gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná tí kò dájú kì í ṣe ètò.

Ní aago méje, wọ́n ra ẹran. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ilé ìpẹran. Wọ́n gbé e sínú kúlà yìnyín láti ọjà, wọ́n gé e díẹ̀díẹ̀ kí èyí tó pọ̀ má baà pẹ́ lórí pátákó, wọ́n pa yàjì mọ́ ọn, wọ́n gún un, wọ́n sì dá a padà sínú yìnyín. Aago mẹ́sàn-án ti lù. Láago mọ́kànlá, wọ́n fi tẹmómítà há àárín igi súyà méjì, ó ka 4. Ẹni tó ń yan súyà tẹ́lẹ̀ máa ń yan án ní àyànààbọ̀ nílé kí iṣẹ́ lè yá ní òde. Wọ́n fòpin sí èyí, nítorí pé ẹran tó gbóná díẹ̀, tó wá jókòó fún wákàtí mẹ́ta, ni ibùgbé tí àwọn kòkòrò fẹ́ràn jù.

Aago mẹ́wàá ni ìrẹsì jinná. Kí wọ́n tó kó o, wọ́n da omi híhó sínú kúlà méjì, wọ́n dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n dà á nù. Kúlà tó tutù máa ń jí ooru oúnjẹ. Wọ́n kó ìrẹsì náà kún kúlà kọ̀ọ̀kan dé ẹnu, nítorí pé èyí tí kò kún máa ń tètè tutù. Ní aago 10:30, ó ka 90. Ní ọ̀sán gangan, 81. Ní aago kan, 76, ìyàwó àti ọkọ kò sì tí ì dé.

Aago 2:30 ni bíbù bẹ̀rẹ̀. Lórí èédú, wọ́n ń wo igi mẹ́ta nínú ìpele súyà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti àárín iná, méjì láti ẹ̀gbẹ́. Ìpele kìíní ka 79, 77 àti 76. Ìpele kejì ka 78 àti 76, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ka 69. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni nínú ìlà ẹ̀gbẹ́ òsì náà. Wọ́n sún gbogbo rẹ̀ sí àárín, wọ́n tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ka 77. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀: èédú ti jó tán ní apá òsì. Wọ́n tẹ́ èédú tuntun síbẹ̀ kí ìpele kẹta tó gorí iná. Èyí ni ìyàtọ̀ láàárín àtúnṣe àti ìdọ́gbọ́n sí i. Àtúnṣe ń gba oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ là, ó sì ń wá ohun tó bà á jẹ́.

Kúlà ìrẹsì kìíní tán. Èkejì, tí wọ́n ti ń ṣí tí wọ́n ń dé, ka 61 ní aago 3:30, ó sì ka 57 ní aago mẹ́rin. Ìgbà wo ni ó rékọjá 60? Kò sí ẹni tó mọ̀. Nítorí náà, wọ́n ka wákàtí méjì láti ìgbà ìkẹyìn tí ó dára, èyíinì ni aago 3:30, kì í ṣe láti aago mẹ́rin. Ìrẹsì náà ṣeé jẹ títí di aago 5:30. Lẹ́yìn ìyẹn, dídà nù ló kàn. Wọn kò gbé e padà sórí iná láti tún fún un ní wákàtí mìíràn, nítorí ohun tí a ti sọ ṣáájú nípa májèlé inú rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ wọn kò ju ojú ìwé kan lọ: aago, oúnjẹ, ìwọ̀n ìgbóná, ohun tí a ṣe, orúkọ ẹni tó wò ó. Ọ̀gá kan tí kò sí nídìí iná ló ń kà á lẹ́yìn òde. Ohun tó ń wá ni àwọn ìwọ̀n tó bára dọ́gba jù. Bí gbogbo ìpele súyà bá ka 75, 75, 75, tí a sì fi bírò kan náà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó wo nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹnìkan jókòó tó kún un. Ìwé tí 69 wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, ni ìwé tí wolé-wolé lè gbà gbọ́. Bí àlejò kan bá sì pè ní ọjọ́ Àìkú pé inú ń ṣu òun, ojú ìwé yẹn ni yóò sọ bóyá ìrẹsì ni kí wọ́n wò, tàbí ẹran, tàbí ohun mìíràn tí wọn kò gbé kalẹ̀ rárá.

Ó kù ohun kan tí ètò náà kò lè dé dáadáa, ìyẹn ìrẹsì tí àwọn àlejò ń dì sínú láílọ́ọ̀nù lọ sílé. Tí ó bá ti kúrò nínú kúlà, kò sí ẹni tó ń wò ó mọ́. Ohun tí ìyá alásè wa fi sínú ètò rẹ̀ ni pé inú kúlà tó ṣì kọjá 60 nìkan ni kí wọ́n ti máa di ti ìgbálọ, kí ẹni tó ń dì í sì sọ fún àlejò pé kó jẹ ẹ́ láàárín wákàtí méjì tàbí kó má jẹ ẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ Sátidé náà, láti aago mẹ́rin lọ, wọn kò di ìrẹsì kankan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan bínú. Ní aago 5:30, nǹkan bí àwo ogún ló kù nínú kúlà kejì, wọ́n sì dà á nù, wọ́n kọ aago rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fọ kúlà náà, wọ́n sì ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ.